Orúkọ Tí Yóò Di Òwò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Olórin àti Oníṣẹ́ Fídíò ní Òṣogbo

Ojú-ìwé yìí wà fún olórin, onílù, aláwàdà àti oníṣẹ́ fídíò tó ti ní èrò lẹ́yìn, tó wá ń fẹ́ kí orúkọ òun máa pa owó wọlé kódà lọ́jọ́ tí kò bá gbé fídíò kankan jáde. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó máa mú lò: onílù kan ní Òkè-Fíà tí ìkànnì rẹ̀ ń jẹ́ "Gángan Òṣogbo", tó ní ọmọlẹ́yìn 40,000, tó ń lùlù lóde àríyá, tó sì fẹ́ máa ta pólò àti àdìrẹ tí orúkọ rẹ̀ wà lára. A fi ṣe àpẹẹrẹ ni. A kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn.

Ọmọlẹ́yìn mi ti pọ̀. Kí ló kù kó tó di òwò?

Ọmọlẹ́yìn kì í ṣe tiyín. Ti ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà ni, ó sì lè ti ìkànnì pa lóru kí ẹ tó jí. Ohun tó lè jẹ́ tiyín ni orúkọ, àmì tí ẹ fi ń dá ara yín mọ̀, orin àti fídíò yín, àti nọ́mbà àwọn tó gbà pé kí ẹ máa pe àwọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bá yín dòwò pọ̀ lọ́la, tàbí tí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ fi orúkọ yín sára ọjà rẹ̀, ìwé tó fi hàn pé àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́ tiyín ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rí i pé lógò wà lọ́wọ́ ayàwòrán, páàsíwọọ̀dù wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, orúkọ ò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣé orúkọ tí mò ń jẹ́ lórí ìkànnì náà ni kí n fi ṣòwò?

Ó dá lórí irú orúkọ tó jẹ́. Ní Nàìjíríà, ilé ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò tó wà ní Àbújá, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò, ló ń fọwọ́ sí orúkọ tí ẹnì kan ṣoṣo lè máa fi tajà. Òfin àmì òwò kì í fẹ́ gba orúkọ tó kàn ń júwe ọjà, kì í fẹ́ gba orúkọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ gba orúkọ ìdílé lásán. Ìdí rẹ̀ yé wa: bí ẹnì kan bá gba "Gángan Òṣogbo" mọ́wọ́, kí ni onílù gángan yòókù nílùú yóò máa pe iṣẹ́ tirẹ̀?

Nítorí náà, orúkọ onílù wa níṣòro méjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Gángan" ń sọ ohun tó ń tà, "Òṣogbo" ń sọ ibi tó wà. Ó lè máa fi í ṣe orúkọ ìkànnì títí láé, kò sẹ́ni tó máa mú un. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ta pólò tó kọ "Gángan Òṣogbo" sí lára ní Ìgbọ́nà, agbára káká ni onílù wa yóò fi rí ẹjọ́ rò.

Orúkọ tó máa ń rọrùn láti gbà ni èyí tí ẹ ṣẹ̀dá fúnra yín, tàbí ọ̀rọ̀ gidi tí kò júwe ọjà náà. Ká ní onílù wa yan "Awọfọhùn". Ó tan mọ́ ìlù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lọ sọ́jà lọ ra "awọfọhùn kan". Ẹni tó bá ń fi orúkọ ìdílé rẹ̀ kọrin náà kò jókòó sínú òkùnkùn: òfin fàyè gba orúkọ ẹni tí a yà lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, ó sì fàyè gba ìfọwọ́sí ẹni. Ìyẹn ni pé àwòrán orúkọ náà ni ẹ óò gbà, kì í ṣe orúkọ lásán, ààbò rẹ̀ sì kéré sí ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo ti pẹ́ lórí orúkọ àtijọ́. Ṣé mi ò ní pàdánù èrò bí mo bá yí i padà?

Ẹ óò pàdánù díẹ̀ tí ẹ bá yí i lójijì. Ẹ gbé méjèèjì pọ̀ fún bí oṣù mẹ́ta: "Awọfọhùn, Gángan Òṣogbo", kí ẹ máa dá orúkọ tuntun sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yọ ti àtijọ́. Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ gba orúkọ tuntun náà lórí YouTube, Instagram, TikTok, Facebook, àti àdírẹ́sì ìkànnì `.com.ng` tàbí `.ng`, lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá yí orúkọ Instagram padà, ẹlòmíràn lè gba ti àtijọ́ lẹ́yìn tí àkókò tí wọ́n fún yín láti padà sí i bá pé. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ń ṣọ́ irú rẹ̀. Wọn yóò máa fi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yín. Bí orúkọ náà bá ti ṣí sílẹ̀, ẹ fi ìkànnì kékeré kan gbà á mú.

Ṣé kí n fi àmì ohùn sórí orúkọ mi?

Ẹ fi sí i lórí lógò, lórí aṣọ àti lórí ìwé. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń kà á.

Orúkọ ìkànnì lórí Instagram kì í gba ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró àti ilà ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà "Awọfọhùn" yóò di `awofohun`. Kí ẹ tó fẹ́ràn orúkọ kan, ẹ kọ ọ́ báyìí láìsí àmì, kí ẹ fún ènìyàn márùn-ún tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ kí wọ́n kà á sókè. Ẹlòmíràn lè ka "awo" níbi tí ẹ ti ní "awọ" lọ́kàn. Tí mẹ́ta nínú márùn-ún bá kà á sí ohun tí ẹ kò fẹ́, ẹ wá òmíràn.

Èkejì ni orúkọ olórin lórí Spotify àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bá yín gbé orin jáde yóò béèrè orúkọ olórin, ẹ̀rọ yóò sì máa fi lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ wá ojú-ìwé tí orin náà máa wọ̀. Tí ẹ bá tẹ "Awọfọhùn" lóṣù yìí, tí ẹ wá tẹ "Awofohun" lóṣù tó ń bọ̀, ojú-ìwé méjì lè yọ, orin yín á pín sí méjì, iye tó ń gbọ́ yín náà á pín. Ó tún wà nínú rẹ̀ pé "ọ" tí fóònù kan tẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú "ọ" ti kọ̀ǹpútà: òmíràn jẹ́ lẹ́tà kan (`U+1ECD`), òmíràn jẹ́ "o" tí a fi àmì ìsàlẹ̀ kún (`U+0323`). Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Ohun tí a máa ń dámọ̀ràn ni pé kí ẹ yan ọ̀nà kíkọ kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan lórí fóònù, kí ẹ sì máa dà á kọ láti ibẹ̀, kí ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ lọ́tun. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè bóyá ẹ ti ní ojú-ìwé olórin tẹ́lẹ̀, ẹ lẹ líǹkì rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fi sílẹ̀ lófìfo. Àìfi líǹkì sí i ló máa ń jẹ́ kí orin yín bọ́ sójú-ìwé ẹlòmíràn tí orúkọ yín jọ.

Ẹ̀kẹta ni irú lẹ́tà tí ayàwòrán yín yóò lò. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ọ̀fẹ́ kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn tó ní in pàápàá lè má mọ bí a ṣe ń gbé àmì ohùn lé "ọ" lórí, nítorí kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ "ọ̀" nínú kóòdù kọ̀ǹpútà. Àmì náà dá dúró, lẹ́tà ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ẹ̀yin náà ti rí pátákó ìpolówó tí àmì ohùn ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé afẹ́fẹ́ gbé e. Ẹ ní kí ayàwòrán kọ "Ọ̀ṣun Ẹ̀ṣọ́ Ńlá" pẹ̀lú lẹ́tà tó fẹ́ lò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, kó lọ wá òmíràn. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL ń gbé gbogbo rẹ̀ dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC. Ṣé kò tó?

Kò tó, ṣùgbọ́n kò já sásán. Ìwé CAC ló máa jẹ́ kí báńkì ṣí ákáǹtì lórúkọ òwò yín, òun náà ni ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ sanwó ìpolówó fún yín máa béèrè. Lórí ìkànnì CAC, ẹ óò kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò, ẹ óò sì dá a dúró. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń dá a dúró, tí ẹ kò bá parí iṣẹ́ láàárín rẹ̀, ẹlòmíràn lè mú un. Onílù tó dá ṣiṣẹ́ lè fi orúkọ òwò lásán bẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ tó dá dúró yàtọ̀ sí ara rẹ̀ sílẹ̀, òfin ọdún 2020 ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀.

Ohun tí CAC kò ṣe ni pé kò dá ẹnikẹ́ni dúró láti tẹ orúkọ yín sára pólò. Àmì òwò ló ń ṣe ìyẹn.

Báwo ni ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò ṣe ń lọ, kí sì ni kí n kọ́kọ́ gbà?

Lọ́yà tàbí aṣojú tí ilé ìforúkọsílẹ̀ náà mọ̀ ló máa bá yín ṣe é. Ó kọ́kọ́ ń wá a bóyá orúkọ tó jọ ọ́ wà nílẹ̀, kó tó fi ìwé sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín, nítorí ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà ló ṣe pàtàkì jù: bí wọ́n bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn ọdún kan, àti ọjọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò fi lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà ránṣẹ́, wọn yóò gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn àmì òwò, wọn yóò sì fún ẹni tó bá ní àtakò ní oṣù méjì. Tí kò bá sí àtakò, ìwé ẹ̀rí yóò jáde. Ọdún 7 ló kọ́kọ́ ń wà, lẹ́yìn náà ẹ lè tún un ṣe fún ọdún 14, 14. Iṣẹ́ náà kì í yá. Ẹ má rò pé oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni.

Ẹ̀ka ọjà ni ẹ máa ń sanwó rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Eré àti orin lóde wà ní ẹ̀ka 41, aṣọ wà ní 25, orin tí a gbà sílẹ̀ wà ní 9. Aṣojú míì á ní kí ẹ gbà tó mẹ́fà. Fún onílù wa, 41 ni ká kọ́kọ́ gbà, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé báyìí, kí a wá gba 25 kí pólò àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹ̀ka tí ẹ gbà tí ẹ kò lò fún ọdún márùn-ún gbáko, ẹlòmíràn lè ní kí wọ́n yọ yín kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà, fífi owó kó ẹ̀ka jọ kò ní èrè.

Mo sanwó fún lógò. Ṣé èmi kọ́ ló ni ín?

Ìwé ló ń sọ. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, ẹni tó ya iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín; kíkọ sílẹ̀ àti ìfọwọ́sí nìkan ló lè gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Rìsíìtì kò tó, "mo ti sanwó" lórí WhatsApp náà ò tó. Òṣogbo kún fún ayàwòrán tó mọṣẹ́, láti ìgbà Ḿbárí Ḿbáyọ̀ ní ọdún 1962, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tún àwòrán wọn tà ní ọ̀nà mìíràn, èyí tó tọ́ sí wọn bí kò bá sí àdéhùn. Ìwé náà kò ju ojú kan lọ: orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, àwòrán lógò fúnra rẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ọn, iye owó, ọjọ́, gbólóhùn pé ó gbé gbogbo ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí rẹ̀ fún yín, àti ìfọwọ́sí. Ẹ mú un wá kí ẹ tó san ìdajì tó kù.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gba fáìlì. Ẹ gba `.svg` tàbí `.pdf`, tó lè tóbi dé ara pátákó láìfọ́, kí ẹ tún gba `.png` tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá fún yín ní `.jpg` nìkan kò tíì fún yín ní lógò.

Kí ló dé tí lógò mi fi dára lórí fóònù, tó sì bàjẹ́ lára pólò àti àdìrẹ?

Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ya àwọ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sáṣọ sì ń lo yíǹkì. Àwọ̀ tó ń tàn yòò lójú fóònù, pàápàá àwọ̀ ewé tútù àti búlúù tó le, máa ń kú díẹ̀ lára aṣọ. Ẹ má kàn sọ pé "búlúù". Ẹ fún atẹ̀wé ní kóòdù rẹ̀, bíi `#1B2A5C`, kí ẹ sì ní kó tẹ ẹyọ kan kí ẹ rí i lójúmọmọ kí ó tó tẹ ìyókù.

Àwọ̀ tó pọ̀ náà ń ná ni lówó. Bí atẹ̀wé bá ń lo àwọ̀n síkírìn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba àwọ̀n tirẹ̀. Lógò aláwọ̀ márùn-ún ń gba àwọ̀n márùn-ún, tí a bá sì ń tẹ pólò 30 péré, owó àwọ̀n lè ju owó yíǹkì lọ. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru lẹ̀ ẹ́ kò ka iye àwọ̀ sí, ó sì dára fún ìwọ̀nba díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá lẹ̀ ẹ́ láìgbóná tó, etí rẹ̀ yóò máa ṣí lẹ́yìn fífọ̀ bíi mẹ́ta. Ẹ fọ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó gbowó ẹnikẹ́ni.

Àdìrẹ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni aláró fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá bò nìkan ni àró kò ní dé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ àti lẹ́tà kékeré á mu àró, wọn ò ní hàn mọ́. Nítorí náà, onílù wa nílò lógò méjì: orúkọ tó kún pẹ̀lú àmì ohùn fún pólò àti ìwé, àti àmì kan tó rọrùn, bí àwòrán gángan tó ní ìlà nínípọn mẹ́rin tàbí márùn-ún, fún àdìrẹ. Àmì kékeré yìí náà ni yóò wọ inú àwòrán róbótó ìkànnì. Ẹ dín in kù títí yóò fi tó èékánná ìka kékeré lórí fóònù. Tí ẹ kò bá mọ̀ pé gángan ni mọ́, ìlà rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi ṣí ìkànnì náà. Báwo ni mo ṣe lè gbà á láìjà?

Ẹ ṣe é nígbà tí ọ̀rẹ́ ṣì wà. Ẹ ṣí íméèlì tuntun tó jẹ́ ti òwò nìkan, lórí nọ́ńbà tí a fi NIN yín forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jókòó pọ̀, kí ó fi íméèlì náà rọ́pò tirẹ̀ lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí páàsíwọọ̀dù padà, kí ẹ sì yọ fóònù rẹ̀ kúrò lára àwọn tó wọlé síbẹ̀. Ẹ tan ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì, ẹ tẹ kóòdù ìpamọ́ sórí ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sílé. Kóòdù ìpamọ́ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun sì ni yóò gbà yín lọ́jọ́ tí síìmù bá sọnù. Tí ọ̀rẹ́ náà yóò bá máa bá yín ṣiṣẹ́ lọ, ẹ padà fi í sí i gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe oní-ǹkan.

Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí ẹni tó ni orúkọ bí ẹnì kan bá kúrò. Èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ ni pé orúkọ dúró pẹ̀lú àwọn tó kù, ẹni tó kúrò ń gba ìpín tirẹ̀ lórí orin tó ti bá wọn ṣe, kò sì ní fi orúkọ náà ṣe òde.

Pólò mélòó ni kí n kọ́kọ́ tẹ̀?

Iye tí wọ́n ti san nǹkan sílẹ̀ lé lórí. Ká fi owó ṣàpẹẹrẹ: pólò kan ná yín ní ₦6,000, ẹ ń tà á ní ₦9,000. Pólò 30 jẹ́ ₦180,000. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, èrè jẹ́ ₦90,000. Ṣùgbọ́n bí 22 bá tà, tí 8 jókòó sílé, ₦198,000 ló wọlé, èrè ti di ₦18,000. Àwọn ìwọ̀n tí kò bá ẹnikẹ́ni mu ló máa ń jókòó. Nítorí náà, ẹ gba ìdajì owó àti ìwọ̀n ara lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé: ènìyàn 30 yóò san ₦135,000, ẹ óò wá fi ₦45,000 tiyín kún un.

Ẹ má fi iye ọmọlẹ́yìn ṣírò. Ẹ kó nọ́ńbà àwọn tó pè yín sóde àti àwọn tó bèèrè ọjà, pẹ̀lú àṣẹ wọn, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 béèrè ìyẹn. Àtòkọ ìfiránṣẹ́ kan lórí WhatsApp ń gba ènìyàn 256, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀. Torí náà, nígbà tí ẹ bá ń gba nọ́ńbà ẹnì kan, ẹ dúró kí ó tọ́jú tiyín lójú yín.

Oṣù Ògọ́ọ̀sì tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ni ọjà irú èyí ń yá jù ní Òṣogbo. Kí ẹyọ àpẹẹrẹ ti wà lọ́wọ́ yín ní ìparí oṣù Júùnù, kí owó ìdajì ti pé ní àárín Júláì. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ọlọ́dún ti kún ọwọ́ àwọn atẹ̀wé.